Ìsìnkú Ni, Kì í Ṣe Ìwẹ̀: Àlàyé fún Àgbàlagbà Tó Ń Múra fún Ìtẹ̀bọmi

Lọ́jọ́ tí kíláàsì ìtẹ̀bọmi bá bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ wa, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú mi: kí ni ẹ rò pé omi yẹn fẹ́ ṣe fún yín? Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé omi náà yóò wẹ àwọn mọ́. Ẹlòmíràn á ní yóò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ òun dànù, ẹlòmíràn á ní yóò já ègún ìdílé bàbá òun, ẹnì kan sì wà lọ́dún kan tó gbé ike òfìfo wá lọ́jọ́ ìtẹ̀bọmi, kó lè bu díẹ̀ nínú omi náà lọ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn nílé. Kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu nínú wọn. Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ìwẹ̀ kó tó mọ ìtẹ̀bọmi: ó mọ omi tí wọ́n ń lọ bù lódò Ọ̀ṣun, ó mọ ọṣẹ àti kànrìnkàn tí wọ́n fi ń wẹ orí, ó sì lè ti lọ wẹ̀ nígbà méje nínú odò tó ń ṣàn nítorí pé wòlíì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá sọ fún un pé kó wọ inú omi, orí ìwẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ tààrà.

Àmọ́ àwòrán tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù lò nígbà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará Róòmù, ní orí kẹfà ìwé tó kọ sí wọn, kì í ṣe ti ìwẹ̀. Ìsìnkú ni. Ó ní a ti sin wá pẹ̀lú Kristi sínú ikú nípa ìtẹ̀bọmi, kí àwa náà lè máa rìn nínú ìwà tuntun gẹ́gẹ́ bí a ti jí Kristi dìde. Gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ 12 tí a fi ń jókòó pọ̀ kò kọjá kí n mú wọn kúrò lórí àwòrán àkọ́kọ́ bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó bá ti rí i pé òkú ni a ń sin kò ní bi mí mọ́ nípa ìdí tí orí àti ẹsẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wọlé, ìdí tí ìjọ fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí ìdí tí a kì í fi í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

N kì í fi pamọ́ fún wọn pé Bíbélì náà mẹ́nu kan ìwẹ̀. Ananáyà sọ fún Sọ́ọ̀lù ní Dámásíkù pé kó dìde, kí a tẹ̀ ẹ́ bọmi, kó sì wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù, kó máa ké pe orúkọ Olúwa. Ó wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 22:16. Ẹsẹ yìí ni àwọn kan fi ń sọ pé láìsí omi kò sí ìgbàlà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò kà á bẹ́ẹ̀. A gbà pé ẹni tó ké pe orúkọ Olúwa ni a wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù, omi sì ni àmì rẹ̀, nítorí pé Pétérù fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀ kìíní, 3:21, pé kì í ṣe mímú èérí ara kúrò ni ìtẹ̀bọmi, bí kò ṣe ìdáhùn ọkàn rere sí Ọlọ́run. Ọ̀daràn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù kò rí omi kankan, síbẹ̀ a ṣèlérí Párádísè fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà pé bí òun bá kú kí ọjọ́ ìtẹ̀bọmi tó pé, òun ti gbé, a máa ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé ike wá, a ní kó gbé e padà, a sì gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni omi náà, kò sì di nǹkan mìíràn nítorí pé a tẹ èèyàn bọ inú rẹ̀.

Orúkọ tí a ń pe ohun yìí lédè wa náà wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Kráúdà àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì dé orí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, wọn kò wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un. Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọ́n pè é ní baptisi. Àwọn ìjọ tó ń bu omi sí ọmọ ọwọ́ lórí ń pè é ní ìsàmì, àwọn mìíràn ń pè é ní ìrìbọmi. Àwa tí ìjọ wa ti wà nílẹ̀ yìí láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tọ́másì Bówẹ̀n ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850 ń pè é ní ìtẹ̀bọmi, débi pé òun náà ni wọ́n fi ń pe ìjọ wa. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn orúkọ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan lè dá rì fúnra rẹ̀, bí òkúta ti ń rì. Ohun tí a bá tẹ̀, ọwọ́ kan ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí òkú tó ń sin ara rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá bẹ́ sínú omi fúnra rẹ̀, bó ti wù kó mọ odò wẹ̀ tó. Ó ní láti fi ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà kò ṣòro. Àwọn Gíríìkì a máa lò ó fún ọkọ̀ ojú omi tó rì, èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó bá ohun tí a kà mu: Jòhánù ń ṣe ìtẹ̀bọmi ní Áínónì nítorí pé omi púpọ̀ wà níbẹ̀, Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà sì jùmọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sínú omi, wọ́n sì jùmọ̀ gòkè jáde. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ife kan ni wọ́n nílò, kò sí ìdí fún wọn láti sọ̀kalẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dun àgbàlagbà ni ti ẹni tí wọ́n ti sàmì fún ní kékeré. Lọ́dún kan, ìyá ẹni ọdún 58 kan tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà wá sí kíláàsì mi. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti sàmì fún un nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin títí tó fi kú. Nígbà tó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ládùúgbò wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jọ́sìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ló tó dìde pé òun fẹ́ di ọmọ ìjọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dá mi dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé asán ni gbogbo ohun tí bàbá mi ṣe lórí mi?”

“Rárá o, Màmá. Bàbá yín gbé yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Ọlọ́run sì pa yín mọ́ dé òní. Ohun tí a ń béèrè ni ohun tí ẹ̀yin fẹ́ fi ẹnu ara yín sọ. Ọmọ oṣù mẹ́ta kò lè sọ ọ́.”

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ìjọ tó ń sàmì fún ọmọ ọwọ́ kò ṣe é láìnídìí. Wọ́n ń tọ́ka sí ìkọlà ọjọ́ kẹjọ tí a ń ṣe fún ọmọ Ísírẹ́lì, wọ́n sì ń tọ́ka sí agbo ilé tí a tẹ̀ bọmi lápapọ̀, bíi ti onítúbú ní ìlú Fílípì. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Olúwa fún gbogbo ará ilé onítúbú náà, wọ́n gbọ́, ilé sì kún fún ayọ̀ ìgbàgbọ́. Gbígbọ́ ló ń ṣáájú, ìgbàgbọ́ ló ń tẹ̀ lé e, omi ló ń kẹ́yìn. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 19, Pọ́ọ̀lù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn kan ní Éfésù tó ti gba ìtẹ̀bọmi Jòhánù, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ nípa Jésù, a tẹ̀ wọ́n bọmi ní orúkọ rẹ̀. Nítorí náà a kò ka tirẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kejì. Mo tún rán an létí pé Àjàyí Kráúdà fúnra rẹ̀, ẹni ńlá inú ìjọ bàbá rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n baptisi rẹ̀ ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825. Ọ̀dọ́ tó ti mọ̀wé kà ni, ó sì tó ẹni tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó ní òun yóò lọ rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi rò ó, n kò sì bi í léèrè rárá láàárín àkókò náà, nítorí pé àgbàlagbà tí a bá fi ìtìjú tì sínú omi yóò jáde pẹ̀lú ìtìjú náà. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó bá ti ìjọ mìíràn wá ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìjọ tó kọ́ wọn ní orúkọ Jésù ṣẹ̀sín nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́rìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá la máa ń sọ̀rọ̀ lórí bí ara yóò ṣe wọ omi. Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà kò bẹ̀rù ẹ̀kọ́, omi ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Adágún ìtẹ̀bọmi wa gùn ní mítà mẹ́ta, ó fẹ̀ ní mítà méjì, a sì máa ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ga tó mítà kan. Lítà 6,000 nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 240. Àárọ̀ Sátidé la ti ń rọ ọ́ kún, kí òtútù rẹ̀ lè dín kù, kí a sì lè rí i bó bá ń jò. Omi tó ga mítà kan máa ń mọ èèyàn ní ìbàdí. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ yóò ní láti tẹ̀ ba jù, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì fara pa. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, omi yóò gbé ẹsẹ̀ ẹni tí a fẹ́ tẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó múra tán. Àwọn tó ń lo odò gbọ́dọ̀ ti wọ ibẹ̀ ṣáájú láti fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, kí wọ́n sì tẹ ènìyàn náà pẹ̀lú orí rẹ̀ sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wà lápá ibẹ̀, ihò imú ni ìṣàn omi yóò kó sí.

Ìdúró fúnra rẹ̀ rọrùn bí a bá ti fi í dánra wò lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ pásítọ̀. Ẹ ó fi ọwọ́ kan di aṣọ ìnujú mú sí imú yín, ẹ ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ àkọ́kọ́ mú. Pásítọ̀ yóò fi ọwọ́ rẹ̀ kan gbá ọwọ́ yín méjèèjì mú, yóò sì fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn yín láàárín èjìká, lábẹ́ ọrùn. Yóò sọ pé: “Gẹ́gẹ́ bí o ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ nínú Jésù Kristi, mo tẹ̀ ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.” Nígbà tí ẹ bá gbọ́ “Baba”, ẹ fa èémí sínú, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí, ẹ sì dẹ ara sẹ́yìn. Omi yóò bo ojú yín, a ó sì gbé yín dìde. Àkókò tí ẹ ó lò lábẹ́ omi kò ju kí èèyàn ka ení, èjì. Orúnkún ni kókó ibẹ̀. Ẹni tó bá na orúnkún gan-an-ran, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yọ sókè bí a ṣe ń tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, yóò sì ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé ṣubú. Ẹni tó bá tú ọwọ́ sílẹ̀ láti di pásítọ̀ lọ́rùn mú lè mú kí àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi. Láti mọ ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń wo èjìká nígbà ìdánrawò: èjìká ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń gòkè dé etí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń dá dúró láti tún dánra wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Aṣọ funfun tí a ń wọ̀ nípọn, a sì máa ń rán òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi má baà gbé e sókè. Ẹ wọ aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé aṣọ funfun tó bá tutù máa ń fi ara hàn. Ẹ bọ́ wíìgì, awò ojú, yẹtí àti eyín àtọwọ́dá sílẹ̀. Àwọn obìnrin a máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi àwọn ìyá díákónì bóyá nǹkan oṣù lè dí wọn lọ́wọ́. Kò sí òfin Májẹ̀mú Tuntun tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fọkàn balẹ̀ lè dúró de ìgbà mìíràn, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọkùnrin kankan.

Lórí àìlera, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe pa á mọ́. Ẹni tó ní wárápá, ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ ti rí dókítà rẹ̀, kí a lè fi ẹni méjì tó lágbára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà: kó lo oògùn rẹ̀, kó sì jẹun díẹ̀, nítorí pé ebi, ìdúró pípẹ́ àti omi tútù lè gbé e ṣubú. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì jiná, a ó sún tirẹ̀ síwájú. Ẹni tó wà lórí ibùsùn tí kò lè dìde mọ́, àwọn alàgbà ìjọ wa yóò lọ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀, a ó sì gbà á láìsí omi. Mo mọ̀ pé ìwé àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Dídákè gba ẹni tí kò bá rí omi tó láyè kó da omi sí orí nígbà mẹ́ta, n kò sì ní bá ìjọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn jà. Ní ti iná mànàmáná, kò sí àyè fún àdéhùn rárá: ẹni tó wà nínú omi kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan makirofóònù oníwáyà. Ní 2005, ní ìlú Wékò ní ìpínlẹ̀ Tẹ́ksàs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí pásítọ̀ kan ṣe kú nìyẹn nínú adágún ìtẹ̀bọmi ìjọ rẹ̀, lójú àwọn èèyàn rẹ̀.

Orúnkún ìyá aláṣọ òkè yẹn kì í ká, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. A gbé àpótí onírin sínú omi fún un. Àga oníke ni a kọ́kọ́ gbìyànjú, ó sì léfòó. Lórí àpótí náà ló máa jókòó títí omi fi dé àyà rẹ̀, pásítọ̀ yóò sì dẹ ẹ́ sẹ́yìn láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díákónì kan. Ó bi mí bóyá ìyẹn náà kún tó. Mo ní bí omi bá ti bo ojú rẹ̀, a ti sin ín. Bí iwájú orí ènìyàn bá gbẹ, a máa ń tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìka ọwọ́ tàbí eékún ló yọ, a kì í tún un ṣe. Mo mọ àwọn pásítọ̀ tó máa ń tún un ṣe. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń wọn omi lára bẹ́ẹ̀ ti ń padà lọ sórí ìwẹ̀.

Òkú àgbà kì í wọlẹ̀ láìsí ẹbí. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá dé orí ìjẹ́rìí níwájú gbogbo èèyàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan bẹ̀ wá nígbà kan pé kí a tẹ òun bọmi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kó ku òun àti pásítọ̀ nìkan. Ìdílé bàbá rẹ̀ ló ni egúngún ńlá kan ní ìlú wọn, òun ni oyè náà sì kàn. Ó ní ìwẹ̀fà ará Etiópíà kò ní ìjọ lẹ́yìn, pé òru ni wọ́n tẹ onítúbú bọmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ará ilé rẹ̀ gan-an ni onítúbú ti ṣe tirẹ̀, àwọn tí yóò jí bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Pípọ̀ èèyàn kọ́ ni à ń wí. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́, tí wọ́n lè bi ọ́ léèrè lọ́la, ti rí ọ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa ènìyàn nítorí ìgbàgbọ́, ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta tó. Arákùnrin wa kò sí nínú ewu bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wá ni àyè láti di oyè náà àti omi náà mú pa pọ̀. A kò lé e, a kò sì tẹ̀ ẹ́ bọmi. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n fi oyè náà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rí rẹ̀ ti parí níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nínú ìjọ wa, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti jẹ́rìí níwájú ìjọ, àwọn ọmọ ìjọ yóò sì nawọ́ láti fi hàn pé àwọn gbà á. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ pọ̀. Àwọn kan á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn àtijọ́, wọ́n á sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ dá a, títí tí aya tàbí ọkọ ẹlòmíràn tó jókòó nínú ìjọ yóò fi gbọ́ ohun tí kò mọ̀ rí. Àwọn mìíràn á sọ nípa físà, ilé àti ọmọ tí Ọlọ́run fún wọn, wọ́n á sì jókòó láìdárúkọ Kristi. Ọpẹ́ nìyẹn, ó sì ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí ìtẹ̀bọmi, nítorí pé ẹni tí kò gba Jésù gbọ́ náà lè rí físà gbà. Ìyá wa kọ́kọ́ kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ọjà rẹ̀ tó jó. Mo bi í pé níbo ni Jésù wà nínú rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Láti kékeré ni mo ti ń kọrin nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà jó, mo bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí, kó sì máa ṣe Olúwa mi. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì dá wà rí.” Mo ní kó ya ojú ìwé mẹ́rin náà sọnù.

Ó ku ti àìpadà sẹ́yìn, èyí tí àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu wuyẹ́wuyẹ́ gbà. Àwọn tó máa ń fún mi ní iṣẹ́ jù níbẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó tí wọ́n sì ti sọ fún pé ìjọ kò ní so wọ́n pọ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí ìtẹ̀bọmi. Mo máa ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn kí n tó béèrè ohunkóhun. Bí ọjọ́ náà bá ti sún mọ́lé, mo máa ń lọ bá pásítọ̀ pé kó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó náà lọ́tọ̀, kí ẹ̀kọ́ má baà di ohun tí wọ́n ń sáré parí nítorí bébà. Ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pásítọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà àwọn ìjọ yàtọ̀ síra lórí rẹ̀, àní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lámbẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ láti gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní 1888 yí ìpinnu náà padà ní 1988, wọ́n sì ní kó má fẹ́ ìyàwó mìíràn kún un, kó má sì lé àwọn tó wà nílé.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, mo máa ń ka májẹ̀mú ìjọ pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, mo sì ń dúró lórí ohun tí yóò ná an. Ọtí tí májẹ̀mú náà kọ̀ ńkọ́, níwọ̀n bí òwò ọtí bá ni òwò rẹ̀? Ọrẹ àti ìdámẹ́wàá ńkọ́, pẹ̀lú iye tó ń wọlé fún un gan-an? Bí ìjọ bá bá a wí, ṣé yóò jókòó gbọ́ tàbí yóò kó lọ sí ìjọ tó wà ní òpópónà kejì? Ìlérí kan wà tí àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí Èkó tàbí òkè òkun kì í fiyè sí, pé bí a bá kúrò ní ibùgbé wa, a ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn ní kíákíá tó bá ti ṣeé ṣe. Mo ti rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yẹ̀, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kankan. Wọ́n kàn kó lọ, ọdún méjì sì kọjá. Ẹni tó bá yẹ̀ lè padà. A ó gbọ́ ìrònúpìwàdà rẹ̀, a ó sì tún jókòó pọ̀ nídìí tábìlì Olúwa, tí a ń ṣe léraléra. A kò ní dá a padà sínú omi, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kristi kú tí a sì sin ín.

Nígbà tó di ọjọ́ ìtẹ̀bọmi, ìyá wa lo oògùn rẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ mímu àti àkàrà méjì, ó sì jẹ́rìí láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ṣì wà ní ìjọ Áńgílíkà bàbá wọn, wá láti ìlú wọn, ó jókòó ní ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú táwẹ̀lì lórí itan rẹ̀. Àpótí onírin náà kò mì. Omi bò ó, a gbé e dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu àtẹ̀gùn tó fi táwẹ̀lì náà wé e lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, pásítọ̀ fún un ní ọwọ́ ọ̀tún ìdàpọ̀, akọ̀wé ìjọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sì jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa pẹ̀lú wa fún ìgbà àkọ́kọ́, irun rẹ̀ ṣì tutù.